Omi Tí Ọwọ́ Ènìyàn Kó Jọ Kì Í Ṣe Omi Ọlọ́run Mọ́

Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀ ní Notsé, irú ẹjọ́ kan wà tí ó máa ń dé iwájú àwọn olóyè àdúgbò. Ògiri ẹnìkan wó, omi wọ inú àká àgbàdo ẹlòmíràn, kànga ẹnìkẹta sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹni tí omi náà ti inú ọgbà rẹ̀ jáde yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò ní: “Ṣé èmi ni mo rọ òjò ni? Omi Ọlọ́run ni.” Àwọn àgbà yóò bẹ̀bẹ̀, wọn yóò ní kí aládùúgbò dárí ji aládùúgbò, olúkúlùkù yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ògiri tí ó wó kò ní torí ẹ̀bẹ̀ dìde.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò kọ̀wé yìí láti ba àlàáfíà jẹ́. A kọ ọ́ nítorí pé gbólóhùn náà, “Omi Ọlọ́run ni”, jẹ́ òtítọ́ nígbà mìíràn, ó sì jẹ́ àwáwí nígbà mìíràn. Òfin mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò máa fi owó ara rẹ̀ tún ohun tí ẹlòmíràn bàjẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ kan ga, ilẹ̀ kejì rẹlẹ̀. Ìwé òfin aráàlú tí orílẹ̀-èdè Tógò jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé sọ̀rọ̀ lórí èyí ní abala 640. Ó ní ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba omi tí ó ń ṣàn wá fúnra rẹ̀ láti orí ilẹ̀ òkè, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn kò bá sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kò lè mọ odi láti dá omi náà padà sórí ẹni òkè. Ṣùgbọ́n abala kan náà kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní ẹni tí ó wà lókè náà kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí yóò mú kí ẹrù omi náà wúwo sí i fún ẹni ìsàlẹ̀.

Ẹ kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn kò bá sí níbẹ̀. Orí wọn ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Omi tí ó tàn káàkiri lórí koríko, tí ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti ń ṣe láti ayé àwọn baba wa, omi Ọlọ́run ni. Omi tí o fi páànù kó jọ, tí o fi gọ́tà darí, tàbí tí o gbẹ́ kòtò fún kí ó lè gba ojú kan jáde, ti di omi rẹ. Ní ti òrùlé pàápàá, abala 681 inú ìwé òfin kan náà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní kí onílé ṣe òrùlé rẹ̀ kí omi òjò lè dà sórí ilẹ̀ tirẹ̀ tàbí sí ojú ọ̀nà ìjọba. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dà sórí ilẹ̀ aládùúgbò.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Ká ní ọkùnrin kan kọ́ ilé tuntun sí apá òkè ní àdúgbò kan ní Notsé. Òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 10, ó sì fẹ̀ ní mítà 8. Ìyẹn jẹ́ mítà 80 níbùú lóròó. Bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lítà omi 50 ni yóò bọ́ sórí mítà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ 50 di ọ̀nà 80, yóò fún wa ní lítà 4,000. Èyí tó àgbá ńlá 20, irú àgbá onílítà 200 tí a fi ń pọn omi pamọ́. Kí ó tó kọ́ ilé náà, ilẹ̀ ń mu lára omi yìí, koríko ń dá a dúró, ìyókù sì ń tàn káàkiri. Nísinsìnyí, páànù kì í mu omi. Bí onílé bá wá da gbogbo òrùlé náà kọ ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ̀gbẹ́ náà sì kọjú sí ọgbà obìnrin kan tí ó wà nísàlẹ̀, àgbá 20 ni yóò dà sí ẹsẹ̀ ògiri obìnrin náà láàárín wákàtí díẹ̀.

Ará Notsé kò nílò kí á kọ́ òun ní ohun tí omi ń ṣe sí ògiri amọ̀. Ìlú tí ó ní odi Agbogbo, tí amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, mọ̀ pé láti ìsàlẹ̀ ni irú ògiri bẹ́ẹ̀ ti ń kú. Òjò tí ó ń lù ú lójú kò yára pa á. Omi tí ó dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń rọ̀ ọ́, títí tí ìsàlẹ̀ kò fi ní lè gbé òkè mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ògiri obìnrin náà bá wó lẹ́yìn òjò kẹta tàbí ìkẹrin, kì í ṣe òjò ni ó wó o. Òrùlé tí wọ́n dà kọ ọ́ ni ó wó o. Onílé òkè kò sì lè sọ pé òun kò ní èrò ibi. Kò sẹ́ni tí ó bi í léèrè èrò ọkàn rẹ̀. Ibi tí ó da omi rẹ̀ sí ni wọ́n ń béèrè.

Òǹkàwé kan lè sọ pé: “Bí onílé náà bá gba bíríkìlà tí ó mọṣẹ́, tí ó sì jẹ́ pé bíríkìlà ni ó ṣe àṣìṣe ńkọ́?” Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ẹjọ́ tí ó lókìkí jù lọ lórí rẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òwò òwú, tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Haho mọ̀ dáadáa, ni ó sì bí i. Oníṣòwò aṣọ òwú kan tí ń jẹ́ Rylands ní ilé iṣẹ́ kan ní Ainsworth, ní agbègbè Lancashire. Ó fẹ́ omi fún ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì gba àwọn tí wọ́n mọṣẹ́ pé kí wọ́n gbẹ́ adágún omi fún òun. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọ́n rí ẹnu àwọn ihò àtijọ́ tí wọ́n ti fi wa èédú rí, ṣùgbọ́n wọn kò dí wọn dáadáa. Rylands fúnra rẹ̀ kò mọ̀ nípa àwọn ihò náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1860, nígbà tí wọ́n ti rọ omi sínú adágún náà, omi já ìsàlẹ̀, ó gba inú ihò àtijọ́ wọ̀nyí lọ, ó sì kún ibi tí aládùúgbò kan tí ń jẹ́ Fletcher ti ń wa èédú.

Fletcher pàdánù tó 937 pọ́n-ùn, owó ńlá ni láyé ìgbà náà. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ sọ ní ọdún 1865 pé Rylands kò jẹ̀bi, nítorí pé kò ṣe àìbìkítà kankan. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ú yí i padà ní ọdún 1866, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ìyẹn ní ọdún 1868. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Omi púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Rylands ni ó kó o wá, fún èrè ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó ohun tí ó lè ṣe ìpalára jọ sórí ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ká a mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá já, ọ̀ràn náà wà lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ṣọ́ra tàbí kò ṣọ́ra. Fletcher kò jẹ nínú èrè adágún náà. Kò yẹ kí ó jẹ nínú àdánù rẹ̀.

Òfin tí ẹjọ́ yìí bí bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lò ó fún ohun tí ó burú ju omi lọ, èyíinì ni ìdọ̀tí epo. Ní ọdún 1975, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ tí àwọn Umudje pe ilé iṣẹ́ Shell-BP. Ilé iṣẹ́ náà gbẹ́ kòtò tí ó ń da ìdọ̀tí epo rọ̀bì sí. Ìdọ̀tí náà jáde kúrò nínú kòtò, ó sì ba omi ìpẹja àwọn olùpẹ̀jọ́ jẹ́. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tí kòtò ìdọ̀tí epo wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni yóò dáhùn fún ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde, kódà bí kì í bá ṣe àìbìkítà ni ó fa á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ẹjọ́ kan náà. Àwọn olùpẹ̀jọ́ tún fi ẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ náà pé ọ̀nà tí ó là dí odò, tí ẹja kò fi lè kọjá wá sọ́dọ̀ àwọn mọ́. Òfin tí a ń sọ yìí kò gbà wọ́n ní apá ibẹ̀. Kí ló fà á? Nítorí pé kò sí ohun tí ó jáde láti orí ilẹ̀ kan bọ́ sórí ìkejì. Òfin yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó já kúrò níbi tí a kó o sí. Bí aládùúgbò bá dí ọ̀nà ohun tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹjọ́ lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹjọ́ mìíràn ni, ọ̀nà mìíràn ni a ó sì gbà rò ó. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ lè rojọ́ títí kí ó má rí nǹkan gbà.

A kì í lo òfin Gẹ̀ẹ́sì ní Tógò. Ṣùgbọ́n òfin tiwa gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibi tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Abala 1384 inú ìwé òfin aráàlú sọ pé ènìyàn yóò dáhùn fún ìpalára tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, yóò dáhùn fún èyí tí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe, yóò sì dáhùn fún èyí tí ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1930, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Faransé túmọ̀ rẹ̀ pé kò tó kí ẹni tí nǹkan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ wí pé òun kò ṣe àṣìṣe. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun mìíràn láti ìta, tí kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sì lè dá dúró, ni ó fa ìpalára náà, tàbí pé ẹni tí ó ń rojọ́ ni ó fa á fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ṣáláńgá ẹnìkan bá kún, tí omi rẹ̀ sì jò wọ kànga aládùúgbò, kì í ṣe oníkànga ni yóò máa wá ẹ̀rí pé ẹni tí ó gbẹ́ ṣáláńgá náà kò mọṣẹ́. Ohun tí yóò fi hàn ni pé láti inú ṣáláńgá náà ni ìbàjẹ́ ti wá.

Ìgbà wo wá ni ènìyàn lè sọ nítòótọ́ pé “Ọwọ́ Ọlọ́run ni”? Ìgbà tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bá kọjá agbára àti ìmọ̀ ènìyàn ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ní ọdún 1876, ilé ẹjọ́ dá ẹnìkan tí ó ní àwọn adágún omi láre, nítorí pé òjò tí ó fọ́ wọn pọ̀ ju gbogbo òjò tí àwọn ará ibẹ̀ rántí lọ. Òjò tí ó ń rọ̀ lọ́dọọdún kò sí nínú èyí. Gbogbo ènìyàn ní Notsé ni ó mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ tí kò gbálẹ̀ kò lè sọ pé àlejò ni ó ba ilé òun jẹ́.

Ó ku iná. Níhìn-ín ni kí òǹkàwé ti ṣọ́ra, nítorí pé òfin yà á sọ́tọ̀. Ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, iná ti inú àwọn àgbá oje igi tí ó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ràn kọjá. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1920, ilé ẹjọ́ sọ pé ẹni tí àgbá náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni yóò dáhùn, bí a kò tilẹ̀ rí ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò. Kò pé ọdún méjì tí òfin ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1922 fi jáde, tí ó ní bí iná bá ti inú ilé tàbí ẹrù ẹnìkan ràn dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ẹni náà kò ní san nǹkan àfi bí a bá fi hàn pé ẹ̀bi rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀bi ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ya ọ̀rọ̀ iná sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ omi àti ìdọ̀tí.

Nítorí náà, ẹni tí iná jó oko rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e pé láti oko aládùúgbò ni iná ti wá. Kí ó wá ẹ̀bi, kí ó sì wá a ní kíákíá. Ẹ̀bi iná oko kì í ṣòro láti rí. Ṣé ẹni tí ó dáná ro ààlà oko rẹ̀ mọ́ títí dé ilẹ̀ pupa, kí iná má lè ré kọjá? Ṣé ó sọ fún àwọn tí oko wọn yí i ká? Àwọn ènìyàn mélòó ni wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi àti ẹ̀ka igi tútù? Ṣé ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, ni ó ṣáná sí i? Ṣé ó fi iná náà sílẹ̀ lọ sílé kí eérú tó tutù? Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè márùn-ún yìí ni ẹjọ́ iná oko dúró lé. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, tí koríko tuntun sì hù, ààlà tí wọn kò ro yóò dà bí èyí tí wọ́n ro.

Bákan náà ni ó rí fún omi àti ìdọ̀tí. Ohun tí ó ń ba ẹjọ́ aláre jẹ́ jù lọ ni pé ó ti gbá ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Kí ẹ tó kó ẹrẹ̀ dànù, ẹ pe olóyè àdúgbò àti àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ẹbí yín. Ẹ fi tẹlifóònù ya àwòrán ibi tí omi ti jáde, ọ̀nà tí ó gbà, àti ibi tí àmì rẹ̀ ga dé lára ògiri. Bí ohun tí ó bàjẹ́ bá pọ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́ òfin tí àwọn Faransé ń pè ní wísíyé, kí ó wá fi ojú rí i, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ń fi ọwọ́ gidi mú ìwé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà kọ iye tí àtúnṣe yóò ná yín sínú ìwé, kí ó má sì fi kún un. Ẹni tí ogiri kan ṣoṣo wó mọ́ lọ́wọ́, tí ó sì béèrè owó mẹ́ta, yóò mú kí adájọ́ ṣiyèméjì nípa ọ̀kan tí ó wó nítòótọ́.

Kí ẹ sì yẹ ara yín wò pẹ̀lú. Ṣé omi ti ń gba ojú ibẹ̀ kí aládùúgbò tó kọ́lé? Ṣé ẹ kò mọ ògiri yín dí ojú àgbàrá? Bí ó bá jẹ́ pé omi tàn káàkiri tẹ́lẹ̀, tí ó sì wá ń gba ojú kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára láti ìgbà tí ẹni òkè ti kọ́lé tàbí ti fi erùpẹ̀ kún ilẹ̀ rẹ̀, ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́lé sí ojú àgbàrá, ẹjọ́ náà kò ní lọ jìnnà.

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní dé ilé ẹjọ́, kò sì pọn dandan kí wọ́n dé ibẹ̀. Iwájú olóyè ni ó yẹ kí ọ̀pọ̀ parí sí. Ohun tí a ń bẹ àwọn àgbà wa ní Notsé, ní Atakpamé àti ní gbogbo agbègbè yìí ni pé kí wọ́n yí ètò ìbẹ̀bẹ̀ padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ó kó ohun tí ó jáde yìí jọ? Kí ẹni náà tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, kí ó sì yí gọ́tà rẹ̀ padà tàbí kí ó kó ṣáláńgá rẹ̀, kí òjò mìíràn tó rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ìdáríjì wá. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà ní iṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá wá gba àṣẹ láti kọ́lé, kí wọ́n béèrè ibi tí omi òrùlé rẹ̀ yóò gbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, tí wọ́n bá bi í kí páànù tó gun orí ilé, yóò gba ògiri púpọ̀ là.

Sódàbì ìgò kan àti ẹ̀bẹ̀ dára láàárín aládùúgbò. Ṣùgbọ́n sódàbì kì í mọ ògiri. Ẹni tí ó ni omi ni ó ni ibi tí omi náà bàjẹ́.